Bí ọ̀gá ṣe máa bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tó jẹ́ pé àṣẹ tirẹ̀ ló ba iṣẹ́ jẹ́

Nígbà tí iṣẹ́ ńlá kan bá dàrú, àwọn òṣìṣẹ́ sábà máa ń mọ ibi tó ti dàrú kí ọ̀gá tó la ẹnu. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí àṣẹ jáde. Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ni bóyá ọ̀gá máa sọ ọ́ bó ṣe rí, àti bóyá ẹni tó bá kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ mìíràn máa rí ibi dúró sí. Ọ̀gá tó fúnra rẹ̀ pa àṣẹ tó gbé iṣẹ́ ṣubú ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló kówó jẹ, tàbí pé oníbàárà ló sá lọ láì sanwó, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ má fi èyí ṣe é.

A máa fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan wà ní Utako, Abuja, tó ń so iná sólà, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ 14. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Kubwa gbé iṣẹ́ fún wọn, ó sì fi ìwé ránṣẹ́ tó ka gbogbo ohun tó ń lo iná lóru: gílóòbù, fáànù mẹ́fà, firíìjì kan, kọ̀ǹpútà méjì. Nínú ìṣirò, láti aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀, yúnìtì iná 4 ló máa jẹ. Olórí àwọn tó ń so sólà ní kí ọ̀gá fún òun ní ọjọ́ kan, kí òun lọ fi kíláǹpù mítà wọn iná náà níbẹ̀. Ọ̀gá ní rárá, torí pé ó ti ṣèlérí ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Wọ́n gbé bátìrì olómi 4 lọ, oní fólítì 12 àti áńpíà 200. Bí a bá sọ 12 di ìlọ́po 200, tí a tún sọ ọ́ di ìlọ́po 4, ó jẹ́ 9,600. Ẹgbẹ̀rún kan nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ yúnìtì kan, nítorí náà yúnìtì 9.6 ni. Irú bátìrì yìí kì í pẹ́ bàjẹ́ bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà 4.8 ni èèyàn lè gbọ́kàn lé lóru kan. Lórí bébà, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Ohun tí kò sí lórí bébà ni fírísà ńlá kan, àti firíìjì kejì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Yúnìtì 7.8 ni òru kan ń jẹ lóòótọ́, ìyẹn 0.65 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ òru, 4.8 ti tán, iná sì kú. Ó ṣẹlẹ̀ lóru mẹ́ta léraléra. Ilé ìwòsàn ní kí wọ́n wá tú gbogbo rẹ̀, wọ́n gba owó wọn padà, ilé-iṣẹ́ sì pàdánù ₦3,200,000. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n tú u. Ọ̀gá fẹ́ bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wá "èmi" nínú rẹ̀

Ẹ mú bébà kan ṣoṣo. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, láì fi àlàyé kankan kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á padà, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí kò ti sí ẹni tó ṣe nǹkan. Èdè wa rọrùn láti sá pamọ́ sínú rẹ̀. "Wọ́n ti fi ọjọ́ sí i." "Ó ti bọ́ sórí." "Ọ̀rọ̀ náà yíwọ́." "Àkókò kò gbà wá." Ta ni wọ́n? Kí ló bọ́ sórí? Níbikíbi tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni, ẹ kọ "mo" síbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, "wọn kò ráyè wọn iná" máa di "mo ní kí wọ́n má lọ wọn iná". Gbólóhùn méjèèjì ń sọ nǹkan kan náà, èkejì nìkan ni òṣìṣẹ́ lè gbà gbọ́.

Ẹni tó ṣe èyí dáadáa ni Ọ̀gágun Eisenhower ará Amẹ́ríkà, tó ṣe olórí àwọn ọmọ ogun tó lọ bá Jámánì jà ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, kí àwọn ọmọ ogun tó gúnlẹ̀ sí etíkun Nọ́máńdì ní ilẹ̀ Faransé, ó kọ ìwé kékeré kan pamọ́ tó máa gbé jáde bí ogun náà bá forí ṣánpọ́n. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ ogun náà kúrò. Ó fa igi lé e, ó wá kọ ọ́ pé òun ti kó wọn kúrò. Ó ní àwọn ọmọ ogun ṣe gbogbo ohun tí akin lè ṣe, àti pé bí ẹ̀bi kan bá wà, ti òun nìkan ni. Ìwé náà kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Ogun náà yọrí sí rere, ìwé náà kò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n igi tó fà yẹn ni iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà fẹ́ ṣe lórí bébà yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ wá àṣẹ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tó dàrú lè ní ìdí mẹ́wàá, àmọ́ àṣẹ kan sábà máa ń wà tó jẹ́ pé bí kò bá sí, àwọn tó kù ì bá má ṣèpalára. Ìwé ilé ìwòsàn kò péye, òótọ́ ni. Bí olórí àwọn tó ń so sólà bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, ì bá rí fírísà náà lójú, wọ́n ì bá sì ti sọ fún oníbàárà pé bátìrì 8 ló máa gbà. Àṣẹ tó dí ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ yín dá lé. Bí ẹ bá ka àṣìṣe márùn-ún fún àwọn èèyàn, wọ́n máa rò pé ẹ ń wá èyí tó fúyẹ́ jù láti gbé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹni tó kìlọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rí

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó kìlọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín èrò. Ẹ pè é lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpàdé, ní òun nìkan, kí ẹ sì sọ ọ́ ní kúkúrú. Bó bá jẹ́ ọmọ tó kéré sí yín: "Ọjọ́ Ajé yẹn, o ní kí n fún ẹ ní ọjọ́ kan láti lọ wọn iná. Mo ní rárá. Ìwọ lo jàre. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́la níwájú gbogbo wa. Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí n dárúkọ ẹ?" Bó bá jẹ́ àgbàlagbà tó jù yín lọ, kò sí bí ipò yín ṣe lè ga tó, "ẹ" ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì lọ bá a níbi tó wà dípò kí ẹ ránṣẹ́ pè é.

Ìdí tí a fi ń bi í léèrè ni pé dídárúkọ ẹni kì í ṣe ẹ̀bùn nígbà gbogbo. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa pè é ní ọmọ ọ̀gá láti ọjọ́ yẹn lọ. Bó bá jẹ́ Hausa, ohun tí wọ́n ń pè ní kúnyà, ìyẹn ìtìjú, lè jẹ́ kó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu nígbà tí ọ̀gá ń bẹ ẹ́ níwájú èèyàn. Bó bá ní rárá, ẹ sọ pé "ẹnì kan nínú yín kìlọ̀ fún mi", kí ẹ má sì wo ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́, torí pé gbogbo ojú máa tẹ̀ lé tiyín.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rí akáùńtáǹtì. Ìbéèrè kan ni: ṣé owó oṣù máa jáde lọ́jọ́ tó ń jáde? Ẹ gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́nu rẹ̀, torí pé ìbéèrè yẹn ló wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó máa jókòó síwájú yín. Bí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn bá ti fẹ́ di ti ilé ẹjọ́, ẹ bi lọ́yà ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń fi fóònù gbà á, nítorí ó lè wà lórí Wásáàpù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjọ́, ibi àti èdè

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, ló dára jù ní Abuja. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn tó ń bọ̀ láti Nyanya àti Mararaba ṣì lè wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹni tó bá sì wọlé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ìdajì máa gbọ́ apá tó burú lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọjọ́ Jímọ̀ kò dára, torí pé ọkàn àwọn Mùsùlùmí ti wà ní mọ́ṣáláṣí láti ọ̀sán, àti pé lẹ́yìn rẹ̀ gbogbo èèyàn á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé fún ọjọ́ méjì láì rí ẹni bi léèrè. Bó bá jẹ́ inú oṣù Ramadan, ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ má fi ebi àṣálẹ́ kún un. Kí ọjọ́ náà má sì pẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ti tú iṣẹ́, àwọn èèyàn á ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtàn tó kù.

Kí wọ́n jókòó, kí ẹ̀yin náà jókòó bí wọn kò bá ju ogún lọ. Kí tábìlì yín má wà láàárín. Ẹ má gbé ohun jíjẹ wá, ẹ má fi àdúrà gígùn ṣí i.

Ọ̀rọ̀ èdè ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀gá Yorùbá tó wà níbí ṣe rò lọ. Nínú òṣìṣẹ́ 14 ní Utako, ẹ lè rí Yorùbá márùn-ún, Hausa mẹ́ta, Gbagyi méjì, Igbo mẹ́ta, àti ará Benue kan. Èdè tí gbogbo wọn gbọ́ ni kí ẹ fi sọ ọ́, yálà Gẹ̀ẹ́sì tàbí Píjìn. Ẹ má yà sí Yorùbá láàárín ọ̀rọ̀, bó ti wù kó dùn lẹ́nu tó. Ẹni tí kò gbọ́ gbólóhùn méjì náà máa gbà pé òótọ́ gan-an wà nínú méjì yẹn. Ẹ má sì kọ́kọ́ pe àwọn Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ kan láti sọ fún wọn ṣáájú. Àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí, a kọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ lè rí egungun rẹ̀. Ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ti gbọ́ Yorùbá, bí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ní Kaduna àti Jos, ẹ lè lò ó bó ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀

Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Gbólóhùn tó gbé ẹ̀bi gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ìyìn àti ìtàn tó dé. Bí ẹ bá fi ìyìn bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn máa jókòó máa dúró de "ṣùgbọ́n".

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo pè yín nítorí iṣẹ́ Kubwa. Iṣẹ́ náà kùnà, èmi ni mo sì mú kó kùnà. Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú kí a tó gbé bátìrì, ẹnì kan nínú yín ní kí n fún wa ní ọjọ́ kan láti lọ wọn iná níbẹ̀. Mo ní rárá. Mo ti ṣèlérí ọjọ́ fún oníbàárà, mo sì fi ìlérí mi ṣáájú iṣẹ́ yín. Yúnìtì mẹ́rin ni mo gbà gbọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ. Iná kú ní ilé ìwòsàn lóru mẹ́ta, wọ́n sì ń fi tọ́ọ̀ṣì kó abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́ láti inú firíìjì kan sí òmíràn. Àwa náà pàdánù mílíọ̀nù mẹ́ta àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà. Ẹ̀bi mi ni."

Ẹ kíyè sí i pé ó sọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, ohun tó ní lọ́kàn, àti ẹni tó jìyà rẹ̀. Ìdí tó fi ní rárá wà níbẹ̀, kò sì dún bí àwáwí, torí pé òun ló dá ara rẹ̀ lẹ́bi pẹ̀lú ìdí náà. Ìwé tí kò péye kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹnì kan bá béèrè lẹ́yìn náà, ẹ lè dáhùn pé "ìwé náà kò ní fírísà nínú, èmi ló sì yẹ kí n rán èèyàn lọ wò ó." Iye owó wà níbẹ̀ nítorí pé bí ẹ kò bá sọ ọ́, ìdí ẹ̀rọ omi ni wọ́n á ti máa gbọ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá.

"Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Kubwa, ẹ tú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dókítà ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé sílíìnì wọn kò ní ihò kan tí ẹ kò dí. Okùn iná tí ẹ fà kò ní àbùkù. Ohun tí mo ní kí ẹ gbé lọ ni kò tó."

Ìyìn nìyẹn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀. "Ẹ̀yin ni òṣìṣẹ́ tó dára jù ní Nàìjíríà" kò ní ẹlẹ́rìí, àwọn èèyàn á kàn pàtẹ́wọ́ fún un ni. Bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá sì ní àbùkù lóòótọ́, ẹ má yìn ín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn, torí pé ọjọ́ tí ọ̀gá bá ń jẹ́wọ́ kọ́ ni ọjọ́ tó ń ṣírò tàwọn ẹlòmíràn.

"Láti òní lọ, kò sí ìwé iye owó kankan tó máa jáde níbí láìjẹ́ pé ẹni méjì ti lọ fi kíláǹpù mítà wọn ibẹ̀, ọ̀sán kan, òru kan. Olórí iṣẹ́ ló máa fọwọ́ sí ìwọ̀n náà. Bí kò bá fọwọ́ sí i, èmi kò lè fọwọ́ sí i dípò rẹ̀. Iṣẹ́ tó kàn ni ti Gwarinpa. Ọ̀la ni wọ́n máa lọ wọ̀n ọ́n. Mo ti pe oníbàárà lánàá pé ọjọ́ tí mo fún un kò ṣeé ṣe mọ́, a ti sún un síwájú pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta."

Ibí ni ọkàn ti ń padà sí àyà òṣìṣẹ́, ó sì yẹ kí ẹ lo àkókò jù lọ nígbà tí ẹ bá ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò ó: òfin tuntun náà dè ọ̀gá lọ́wọ́, kò de òṣìṣẹ́. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé ọ̀gá jẹ́wọ́ tán, ó wá gbé fọ́ọ̀mù mẹ́ta jáde tí àwọn tó ń so sólà gbọ́dọ̀ máa kọ. Ìjìyà nìyẹn, wọ́n sì máa mọ̀ ọ́n. Òfin tó tọ́ gbọ́dọ̀ gba agbára tó ba iṣẹ́ jẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó lò ó. Ó sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́. Ìpè tí ọ̀gá ti pe oníbàárà Gwarinpa lánàá tó ju ìlérí mẹ́wàá lọ, torí pé ó ti ná an ní nǹkan.

"Owó oṣù yín máa jáde lọ́jọ́ 25 bó ṣe ń jáde. Mo ti bá akáùńtáǹtì jókòó. Owó àfikún ìdajì ọdún tiyín kò tíì dá mi lójú, mo máa mọ̀ ní ọjọ́ 30, mo sì máa sọ fún yín lọ́jọ́ náà, bó dára bó burú. Kò sí ẹnikẹ́ni tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí Kubwa. Ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹ bi mí ní ohunkóhun."

Ẹ sọ ohun tó dá yín lójú, ẹ sọ èyí tí kò dá yín lójú, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i. Bí kò bá dá yín lójú pé gbogbo wọn máa dúró, ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Kí ọ̀gá sọ pé kò sí ẹni tó máa lọ, kí ẹni méjì wá lọ lẹ́yìn oṣù méjì, gbogbo ìjẹ́wọ́ tó ṣe lọ́jọ́ yẹn á di irọ́ lẹ́yìn ọjọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ wọlé

"Ẹ má bínú" kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ bá rí yín níbi tí ẹ ti kọsẹ̀, ó lè sọ "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú". Ìbánikẹ́dùn ni. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá ní "ẹ má bínú fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kubwa" kò tíì sọ pé òun ló ṣe é, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì mọ ìyàtọ̀ náà. "Èmi ni mo ṣe é" àti "ẹ̀bi mi ni" ló gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè sọ "ẹ má bínú" lẹ́ẹ̀kan bó bá wà lọ́kàn yín.

"A ti ṣe àṣìṣe" náà kò dára. Nínú "a" yẹn, ọmọ tó gbé àkàbà náà wà nínú rẹ̀. "Kádàrá ni", "iṣẹ́ èṣù ni", "bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni": ìgbàgbọ́ yín lè gbà bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ náà lè gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ lẹ́nu ẹni tó pa àṣẹ, ó ń gbé ẹrù náà fún ẹni tí kò sí níbi ìpàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo "ṣùgbọ́n" tó bá tẹ̀ lé ẹ̀bi. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yín sókè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ pa gbogbo "ṣùgbọ́n" àti "àmọ́" tó wà níbẹ̀.

Ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ má sì máa bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Lewicki ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2016 lórí apá mẹ́fà tí ẹ̀bẹ̀ lè ní. Gbígbà pé ẹ̀bi tẹni ni ló wúlò jù lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n bi léèrè, títún nǹkan ṣe ló tẹ̀ lé e, bíbéèrè fún ìdáríjì ló sì kẹ́yìn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdí mìíràn tún wà. Bí ọ̀gá bá kúnlẹ̀, àwọn èèyàn kò lè jẹ́ kó wà nílẹ̀. Wọ́n á sáré gbé e dìde, "Ó ti tán sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀", iṣẹ́ ìtùnú á sì wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kí a tù nínú. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ ẹ̀bi náà ní kedere, ẹ dìde kúrò lórí rẹ̀, ẹ lọ sórí Gwarinpa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Lẹ́yìn "ẹ bi mí ní ohunkóhun", kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ẹ má sì fi ẹnu ara yín dí i. Ẹ ka ogún sínú. Bí àgbà kan bá dìde pé "Ọ̀gá, a dúpẹ́, ó ti tán", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ ṣì ń dúró de ìbéèrè. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni kí ẹ ti fún gbogbo èèyàn ní ìwé pélébé kan, kí ẹni tí kò lè dìde kọ tirẹ̀ láì fi orúkọ sí i. Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta tó bá jáde níbẹ̀ ni òótọ́ ìpàdé náà. Ẹ ka gbogbo wọn sókè bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ lè rí "ṣé èyí tí ẹ ṣe ní ọdún tó kọjá náà máa yípadà?" Bí ìdáhùn kò bá sí, ẹ sọ ọjọ́ tó máa wà, kí ẹ kọ ọ́ sórí ògiri.

Lẹ́yìn ìpàdé

Àwọn tí kò sí níbẹ̀, àwọn tó wà ní sáìtì ní Lokoja tàbí Minna, ẹ fi ẹnu ara yín pè wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má rán ìwé sí wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ohun kan ni kí ẹ máa wọ̀n: láti ìgbà tí ẹnì kan bá rí ìṣòro sí ìgbà tí ẹ bá gbọ́ nípa rẹ̀, ọjọ́ mélòó ló ń gbà? Bó bá ń dínkù, ọ̀rọ̀ yín wọlé. Bó bá jẹ́ pé lójijì, gbogbo èèyàn ń fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí okùn iná tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn rà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n, wọ́n ń kó ìwé jọ láti gba ara wọn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni sà" nìkan ni ẹ ń gbọ́, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdánwò tó le jù lè dé ní Gwarinpa. Olórí àwọn tó ń so sólà máa padà wá pé bátìrì 4 tí oníbàárà fẹ́ kò tó, pé 6 ni, oníbàárà sì máa ní òun kò ní owó 6. Iṣẹ́ lè bọ́. Gbogbo ilé-iṣẹ́ máa wò yín lójú nígbà náà, torí pé ìwé náà wà níwájú yín láì ní ìfọwọ́sí, bírò yín sì wà lórí tábìlì. Ẹ pe oníbàárà náà níwájú olórí iṣẹ́, kí ẹ sọ fún un pé mẹ́fà ni, tàbí kí ó dín ohun tó ń lò lóru kù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dá ìwé náà padà sọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i.